Ẹ̀rí àìdọ́gba ìpíndọ́gba láti inú ìtẹ̀sókè fúnkíṣọ̀n

Àìdọ́gba ìpíndọ́gba ìròpọ̀ àti ìpíndọ́gba ìsọdipúpọ̀ jẹ́ òfin kan nínú ìmọ̀ mathimátíìkì tó sọ pé, fún àwọn nọ́mbà gidi tí gbogbo wọn ju òdo lọ, ìpíndọ́gba tí a rí nípa ríro wọ́n pọ̀ kò lè kéré sí ìpíndọ́gba tí a rí nípa sísọ wọ́n di púpọ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà fi òfin yìí múlẹ̀ pọ̀. Èyí tí àyọkà yìí ṣàlàyé gba inú kálkúlọ́ọ̀sì: a ó wo àmì tó wà níwájú òṣùwọ̀n ìyípadà kejì ti fúnkíṣọ̀n kan, a ó fi àmì náà mọ̀ pé gíráàfù fúnkíṣọ̀n náà tẹ̀ sókè, ìtẹ̀sókè yìí ni yóò sì bí àìdọ́gba náà.

## Ìtumọ̀

Kí x₁, x₂, …, xₙ jẹ́ nọ́mbà gidi tí iye wọn jẹ́ n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ju òdo lọ. Ìpíndọ́gba ìròpọ̀ wọn ni

A = (x₁ + x₂ + … + xₙ) / n

ìpíndọ́gba ìsọdipúpọ̀ wọn sì ni

G = (x₁ · x₂ · … · xₙ)^(1/n).

Òfin náà sọ pé A ≥ G, àti pé àwọn méjèèjì kì í dọ́gba àfi bí gbogbo nọ́mbà náà bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìbéèrè kan náà ni ìpíndọ́gba méjèèjì ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò fẹ́ kó yí padà yàtọ̀ síra. A ń béèrè pé: bí a bá fẹ́ fi iye kan ṣoṣo rọ́pò gbogbo nọ́mbà wọ̀nyí láìjẹ́ kí àròpọ̀ wọn yí padà, kí ni iye náà yóò jẹ́? G ń béèrè irú rẹ̀ nípa àbájáde ìsọdipúpọ̀ wọn. Ẹni tó bá lo ọ̀kan níbi tí ó yẹ kó lo èkejì yóò ṣi ìṣirò ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ní owó kan tó jẹ́ 100. Ní ọdún kìíní, ó di ìlọ́po 1.5, ìyẹn 150. Ní ọdún kejì, ó di ìlọ́po 0.5, ìyẹn 75. Ìpíndọ́gba ìròpọ̀ 1.5 àti 0.5 jẹ́ 1, èyí tí yóò mú kí ènìyàn rò pé owó náà kò lé, kò sì dín. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ √0.75, ìyẹn nǹkan bí 0.866, ó sì sọ òtítọ́: bí ẹni pé owó náà ń pàdánù nǹkan bí 13.4 nínú 100 lọ́dọọdún. Ohun tí àìdọ́gba wa fi yé wa ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń fì sí. Ìpíndọ́gba ìròpọ̀ ìlọ́po ọdọọdún kò ní fi èrè hàn ní kíkéré ju bí ó ti rí lọ láéláé.

Fún nọ́mbà méjì, a àti b, kò sí wàhálà. Nítorí pé (√a − √b)² kò lè kéré sí òdo, bí a bá tú u a ó rí a + b − 2√(ab) ≥ 0, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí wọ́n bá ti di mẹ́ta tàbí márùn-ún tàbí méje, ọgbọ́n yìí kì í ṣiṣẹ́ tààrà mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ọ̀nà tí kò bìkítà nípa iye nọ́mbà tó wà níbẹ̀.

## Ìtẹ̀sókè àti àmì òṣùwọ̀n ìyípadà kejì

Fúnkíṣọ̀n f *tẹ̀ sókè* lórí abala kan nínú ìlà nọ́mbà bí gíráàfù rẹ̀ bá rí bí igbá tó ṣíjú sókè. Ó *tẹ̀ sódò* bí ó bá rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ lọ́nà tó péye, a ó mú ojú àmì méjì lórí gíráàfù náà, a ó sì fa ìlà tààrà láti ọ̀kan dé èkejì, bí ọṣán tí a so mọ́ orí ọrun méjèèjì. Bí fúnkíṣọ̀n náà bá tẹ̀ sókè, kò sí ibi tí gíráàfù náà ti lè ga ju ọṣán yìí lọ. Fún a àti b nínú abala náà, àti fún t láti 0 dé 1:

f(ta + (1 − t)b) ≤ t·f(a) + (1 − t)·f(b).

Wíwo gbogbo ọṣán tó wà lórí gíráàfù kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ṣeé ṣe. Níbí ni òṣùwọ̀n ìyípadà ti wúlò. Òṣùwọ̀n ìyípadà kìíní, f′(x), ń sọ ìdagẹ̀rẹ̀ gíráàfù náà ní x, ìyẹn bí ó ṣe ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀ tó. Òṣùwọ̀n ìyípadà kejì, f″(x), ń sọ bí ìdagẹ̀rẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà. Bí f″ bá ju òdo lọ jákèjádò abala kan, ìdagẹ̀rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sí ọ̀tún. Ẹni tó bá ń rìn lórí gíráàfù náà yóò máa bá a pé ọ̀nà tó ń sọ̀kalẹ̀ kò le tó ti ìṣáájú mọ́, tàbí pé ọ̀nà tó ń gòkè túbọ̀ ń le sí i. Bí ara igbá ṣe rí gan-an nìyẹn láti etí òsì dé etí ọ̀tún.

Ohun tí a nílò fún ẹ̀rí wa ni gbólóhùn kan nípa *ìlà ìfarakàn*, ìyẹn ìlà tààrà tó fara kan gíráàfù ní ojú kan tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì bá ti gíráàfù mu níbẹ̀. Gbólóhùn náà ni pé, bí f″ bá ju òdo lọ lórí gbogbo abala kan, tí c sì wà nínú abala náà, nígbà náà fún gbogbo x tó wà níbẹ̀,

f(x) ≥ f(c) + f′(c)(x − c),

àti pé àwọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í dọ́gba àfi ní x = c. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, igbá máa ń wà lórí ilẹ̀ tó gbé e dúró.

Láti fi èyí múlẹ̀, a ó yọ ìlà ìfarakàn kúrò lára fúnkíṣọ̀n náà, a ó sì pe ohun tó kù ní g:

g(x) = f(x) − f(c) − f′(c)(x − c).

Ní c, g(c) = 0. Bí a bá wá òṣùwọ̀n ìyípadà rẹ̀, g′(x) = f′(x) − f′(c), nítorí náà g′(c) náà jẹ́ 0. Bí a bá tún wá a lẹ́ẹ̀kejì, g″(x) = f″(x), èyí tó ju òdo lọ. Nítorí pé g″ ju òdo lọ, g′ ń gòkè láìdúró. Nígbà tó sì jẹ́ pé òdo ni g′ ní c, ó gbọ́dọ̀ kéré sí òdo ní òsì c, kí ó sì ju òdo lọ ní ọ̀tún c. Ìyẹn ni pé g ń sọ̀kalẹ̀ títí ó fi dé c, lẹ́yìn náà ó ń gòkè. Ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lára rẹ̀ ni c, iye rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ òdo. Nítorí náà g(x) > 0 ní gbogbo ibi tó kù, ohun tí a sì fẹ́ fi hàn nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kan wà nínú àlàyé yìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọjá lórí rẹ̀ wéré, ìyẹn láti «g″ ju òdo lọ» dé «g′ ń gòkè». Ìtumọ̀ òṣùwọ̀n ìyípadà nìkan kò tó láti fi í múlẹ̀. Tíọ́rẹ̀mù iye àárín ti Lagrange ni a ń lò níbẹ̀, òun ló sì béèrè pé kí a wà lórí abala kan ṣoṣo tí kò já láàárín.

## Ẹ̀rí

Àìdọ́gba wa dá lé ìsọdipúpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìtẹ̀sókè mọ̀ nípa rẹ̀ ni ìròpọ̀. Lọ́gárídímù ni afárá tó so wọ́n pọ̀, nítorí pé lọ́gárídímù ohun tí a sọ di púpọ̀ jẹ́ àròpọ̀ àwọn lọ́gárídímù wọn:

ln G = (ln x₁ + ln x₂ + … + ln xₙ) / n.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú f(x) = −ln x, fún x tó ju òdo lọ. Òṣùwọ̀n ìyípadà rẹ̀ kìíní jẹ́ f′(x) = −1/x, ti èkejì sì jẹ́

f″(x) = 1/x².

Nọ́mbà gidi kankan kò sí tí a lè sọ di púpọ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀ tí yóò bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà 1/x² ju òdo lọ fún gbogbo x tó ju òdo lọ, láìyọ ọ̀kankan sílẹ̀. Fúnkíṣọ̀n −ln x tẹ̀ sókè, ln x fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ sódò.

Báyìí, a ó fa ìlà ìfarakàn ní ojú kan ṣoṣo, níbi tí x jẹ́ A, ìyẹn ìpíndọ́gba ìròpọ̀ àwọn nọ́mbà wa. Gbólóhùn tí a ti fi múlẹ̀ sọ fún wa pé, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn,

−ln xᵢ ≥ −ln A − (xᵢ − A)/A.

A ó kọ èyí fún x₁, fún x₂, títí dé xₙ, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi n pín in. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí apá tó gbẹ̀yìn: àròpọ̀ gbogbo (xᵢ − A) jẹ́ òdo, nítorí pé ohun tí A túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Iye tí àwọn kan fi ju A lọ ni iye tí àwọn yòókù fi kéré sí i. Apá náà pòórá, ohun tó kù sì ni

−(ln x₁ + … + ln xₙ)/n ≥ −ln A,

ìyẹn ni pé −ln G ≥ −ln A. Bí a bá yí àmì padà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àmì àìdọ́gba náà yóò yí ojú padà: ln A ≥ ln G. Fúnkíṣọ̀n ln ń gòkè láìdúró, nítorí náà nọ́mbà tí lọ́gárídímù rẹ̀ tóbi jù ni òun náà tóbi jù. A ≥ G.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé a lo ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa ln: pé ó tẹ̀ sódò, àti pé ó ń gòkè. Òṣùwọ̀n ìyípadà kejì ló fún wa ní ti àkọ́kọ́, òṣùwọ̀n ìyípadà kìíní, 1/x, ló sì fún wa ní èkejì.

Ìgbà tí A àti G dọ́gba kò tún nílò iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá dọ́gba, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn àìdọ́gba n tí a rò pọ̀ tó lè ní àyè kankan láàárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìlà ìfarakàn kò kan gíráàfù níbòmíràn yàtọ̀ sí A, nítorí náà gbogbo xᵢ gbọ́dọ̀ jẹ́ A.

## Àpẹẹrẹ: 2, 4 àti 8

Fún nọ́mbà mẹ́ta wọ̀nyí, A = 14/3, ìyẹn nǹkan bí 4.6667. Àbájáde ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 64, nítorí náà G = 4. Lọ́gárídímù A jẹ́ 1.5404, ti G sì jẹ́ 1.3863. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ 0.1542 bí a bá ṣírò rẹ̀ kí a tó gé nọ́mbà wọn kúrú.

A lè rí ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti wá. Ìlà ìfarakàn ti ln x ní A ni ln A + (x − A)/A, ó sì wà lókè gíráàfù ln x. Ní x = 2, ìlà náà ga dé 0.9690, ṣùgbọ́n ln 2 jẹ́ 0.6931, nítorí náà àyè tó wà láàárín wọn jẹ́ 0.2759. Ní x = 4, ìlà wà ní 1.3976, gíráàfù sì wà ní 1.3863, àyè tó wà níbẹ̀ kò ju 0.0113 lọ, nítorí pé 4 súnmọ́ A. Ní x = 8, ìlà wà ní 2.2547, gíráàfù wà ní 2.0794, àyè sì jẹ́ 0.1753. Àròpọ̀ àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 0.4625. Bí a bá fi 3 pín in, a ó rí 0.1542, ìyàtọ̀ ln A àti ln G gan-an.

Àpẹẹrẹ yìí fi hàn pé ẹ̀rí náà ń sọ ju pé A kò kéré sí G lọ. Ó ń sọ iye tí wọ́n fi jìnnà síra: lọ́gárídímù A/G ni ìpíndọ́gba àwọn àyè tó wà láàárín gíráàfù àti ìlà ìfarakàn rẹ̀. Nọ́mbà 2 ló dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8 ló jìnnà sí A jù lọ. Ìdí ni pé 1/x² tóbi nígbà tí x bá kéré, ìyẹn ni pé gíráàfù náà tẹ̀ gan-an lápá òsì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ lápá ọ̀tún.

## Ibi tí ẹ̀rí náà ti máa ń bàjẹ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú ln, kí a sì ka ln x sí fúnkíṣọ̀n tó tẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò parí sí G ≥ A. Ọ̀nà tó yá láti mọ̀ ni kí a fi 1 àti 4 dán an wò: A jẹ́ 2.5, G sì jẹ́ 2.

Àṣìṣe kejì ni yíyan fúnkíṣọ̀n tó tẹ̀ sókè lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí kò mọ nǹkan kan nípa ìsọdipúpọ̀. Bí a bá lo x², tí òṣùwọ̀n ìyípadà rẹ̀ kejì jẹ́ 2 níbi gbogbo, ẹ̀rí náà yóò lọ geerege, ṣùgbọ́n ohun tí yóò fún wa ni pé ìpíndọ́gba àwọn x² kò kéré sí A². Òtítọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tí a ń wá. Fúnkíṣọ̀n mìíràn tó bá iṣẹ́ wa mu ni eˣ, tí òṣùwọ̀n ìyípadà rẹ̀ kejì jẹ́ eˣ fúnra rẹ̀. Bí a bá fi ln xᵢ sínú rẹ̀ dípò xᵢ, ibi kan náà ni yóò gbé wa dé.

Ẹ̀kẹta, wíwo àmì f″ ní ojú kan ṣoṣo kò tó. Fún x³, f″ jẹ́ 6x, ó sì jẹ́ 6 ní x = 1. Ṣùgbọ́n bí a bá mú −3 àti 1, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ −1, tí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́ −1, nígbà tí ìpíndọ́gba −27 àti 1 jẹ́ −13. Àìdọ́gba ìtẹ̀sókè wó lulẹ̀, nítorí pé àmì f″ yí padà ní òdo, láàárín nọ́mbà méjèèjì.

Nípa àwọn nọ́mbà fúnra wọn, bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, ln rẹ̀ kò sí, nítorí náà ẹ̀rí yìí kò kàn án. Òfin náà ṣì dúró, nítorí pé G di òdo nígbà tí A kò lè kéré sí òdo. Ti àwọn nọ́mbà òdì yàtọ̀: fún −1 àti −4, A jẹ́ −2.5, gbòǹgbò ìlọ́po méjì ti àbájáde ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ 2. Níbẹ̀ òfin náà kì í ṣe òtítọ́ rárá.

Ó yẹ kí a fi kún un pé f″ > 0 tó láti fi ìtẹ̀sókè hàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Òṣùwọ̀n ìyípadà kejì ti x⁴ jẹ́ 12x², tó di òdo ní x = 0, síbẹ̀ igbá tó péye ni gíráàfù rẹ̀. Fúnkíṣọ̀n |x| tẹ̀ sókè pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n ìyípadà kìíní ní òdo.

## Nígbà tí ìwọ̀n àwọn nọ́mbà kò dọ́gba

A lè fún nọ́mbà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, w₁, w₂, …, wₙ, tí gbogbo wọn ju òdo lọ tí àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 1. Nígbà náà, A di w₁x₁ + … + wₙxₙ, G sì di x₁^w₁ · … · xₙ^wₙ. Kò sí ohun tó yí padà nínú ẹ̀rí náà ju pé a ó sọ àìdọ́gba kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ní ọ̀nà ìwọ̀n tirẹ̀ kí a tó rò wọ́n pọ̀. Bí nọ́mbà bá jẹ́ méjì péré, àìdọ́gba Young ni a ó rí nínú rẹ̀: ab ≤ aᵖ/p + b^q/q, níbi tí a àti b ti ju òdo lọ, tí p àti q ju 1 lọ, tí 1/p + 1/q sì jẹ́ 1.

## Ìtàn

Augustin-Louis Cauchy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ẹ̀rí kan jáde nínú ìwé rẹ̀ *Cours d'analyse* ní ọdún 1821, láìlo òṣùwọ̀n ìyípadà kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́mbà méjì, ó fi wọ́n dé mẹ́rin, ó fi mẹ́rin dé mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ló wá padà sẹ́yìn láti mú àwọn tó wà láàárín. Fún nọ́mbà mẹ́ta, fún àpẹẹrẹ, a ó fi A tiwọn ṣe ẹ̀kẹrin. Ìpíndọ́gba ìròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì jẹ́ A, nítorí náà A⁴ ≥ x₁x₂x₃A, bí a bá sì fi A pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, A³ ≥ x₁x₂x₃.

Ní ọdún 1889, Otto Hölder, ọmọ ilẹ̀ Jẹ́mánì, fi múlẹ̀ pé fún fúnkíṣọ̀n èyíkéyìí tí òṣùwọ̀n ìyípadà rẹ̀ kejì kò kéré sí òdo, iye fúnkíṣọ̀n náà ní ìpíndọ́gba kò lè ju ìpíndọ́gba àwọn iye rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí a tọ̀ nínú àyọkà yìí súnmọ́ tirẹ̀ jù lọ. Síbẹ̀, orúkọ Johan Jensen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ni òfin náà ń jẹ́ lónìí. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Jensen, iṣẹ́ tẹlifóònù ló sì ń ṣe ní Kopenhágẹ̀n láti fi gbọ́ bùkátà. Nínú àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn *Acta Mathematica* ní ọdún 1906, ó yọ òṣùwọ̀n ìyípadà kejì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ fúnkíṣọ̀n ni pé, fún nọ́mbà méjì èyíkéyìí, iye rẹ̀ ní agbedeméjì wọn kò gbọdọ̀ ju ìpíndọ́gba iye rẹ̀ ní àwọn méjèèjì lọ. Láti ibẹ̀, ó lo ọgbọ́n lílọ síwájú àti pípadà sẹ́yìn ti Cauchy láti dé iye nọ́mbà èyíkéyìí. Fúnkíṣọ̀n bíi |x|, tí ọ̀nà Hölder kò lè fọwọ́ kàn, wà lára èyí tí ìtumọ̀ Jensen gbà wọlé.